Ìgò Tó Dì Lọ́sàn-án, Tó Yọ́ Kí Ilẹ̀ Tó Mọ́: Ìdánwò Mẹ́ta Lórí Ọyún Ẹsẹ̀ Bàbá Kan

Òkun o, gbogbo ilé. Kábbà ni mo ti bá àwọn ọmọ láàbù sọ ọ̀rọ̀ yìí, mo sì kọ ọ́ sílẹ̀ nítorí àwọn tí òjò ká mọ́ ọ̀nà.

Wọ́n ní kí n wá sọ bí a ṣe ń dá bakitéríà tí a kò mọ orúkọ rẹ̀ mọ̀. Bí mo bá ní kí n sọ ọ́ tán, a ó sùn síbí. Ẹsẹ̀ bàbá kan ṣoṣo ni mo máa fi sọ ọ́. Àgbẹ̀ kajú ni bàbá náà, láti ọ̀nà Ìṣánlú. Ó ń ṣán oko, àdá yẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì gé e lójúgun. Ó lọ ewé sí i, ó fi àkísà dì í, ó padà sẹ́nu iṣẹ́. Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kẹta, ọgbẹ́ náà ti ń rùn, ọyún sì ń ṣàn wọ inú bàtà. Ọmọ rẹ̀ ló gbé e sórí ọ̀kadà wá sí ilé ìwòsàn. Dókítà fi òwú tọ́ ọyún náà, ó fi ránṣẹ́ sí wa pẹ̀lú ìbéèrè méjì: kí ló wà nínú rẹ̀, oògùn wo ló sì lè pa á?

A ra òwú náà sójú àwo ágà ẹ̀jẹ̀ àti ágà Makọ́ńkì, oúnjẹ dídì tí bakitéríà ń hù lójú rẹ̀, a kó wọn sínú inkubétọ̀ ní 37°C. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, oríṣi kọ́lọ́nì méjì, ìyẹn agbo bakitéríà tó hù, ló wà lójú ágà ẹ̀jẹ̀. Èkíní kéré, ó rí roboto, ó ń dán, àwọ̀ rẹ̀ pọ́n díẹ̀ bí òróró ẹ̀gúsí, ẹ̀jẹ̀ àyíká rẹ̀ sì ti mọ́ gaara bí ìgbà tí ènìyàn fi ìka nu ojú dígí. Èkejì fẹ̀, ó tẹ́ pẹrẹsẹ, etí rẹ̀ rí jákujàku, ó sì ní àwọ̀ ewé díẹ̀ lára. Bí a ṣe ṣí àwo náà, òórùn dídùn kan bí ọtí ẹlẹ́rìndòdò àjàrà bọ́ sí wa nímú. (Ẹ má ṣe gbé imú sórí àwo o. Èyí tó bá fò wá bá yín fúnra rẹ̀ ti tó.) Lójú ágà Makọ́ńkì, èkejì nìkan ló hù dáadáa, kò sì pọ́n.

Ohun tó kàn ni àwọ̀ Gíráàmù, tí a fi ń kun kòkòrò kí a lè rí àwọ̀ àti ìrísí rẹ̀. Èkíní gba àwọ̀ àlùkò, ó jẹ́ hóró roboto tó ṣù jọ. Èkejì pupa, ó gùn bí ọ̀pá. Ibí yìí ni kí ẹ ti fetí sí mi dáadáa, torí pé láti orí àwọ̀ Gíráàmù ni ìdánwò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kátáléèsì, ọ́kísídéèsì àti kòágúléèsì, ti ń rí iṣẹ́ ṣe. Mo ti rí ẹni tó ń ṣe ìdánwò kòágúléèsì fún ọ̀pá pupa. Ìgò náà dì, ó sì kọ orúkọ sitáàfù sínú ìwé. Ìbéèrè tí a bi ọmọ ilé kan, a kì í bi ọmọ ilé kejì, torí kò sí irọ́ tí kò lè fi dáhùn.

Fún hóró àlùkò tó ṣù jọ, ìbéèrè àkọ́kọ́ ni bóyá sitáàfù ni tàbí sitirẹ́ẹ̀pù, ìdílé bakitéríà roboto méjì. Dókítà oníṣẹ́ abẹ kan ní ilẹ̀ Sikọ́tíláńdì, Álẹ́kísáńdà Ọ́gísítọ̀n, ló sọ sitáàfù lórúkọ ní 1882, nígbà tó rí i nínú ọyún pé ó ṣù bí èso àjàrà. Ṣùgbọ́n ojú lè tan ni jẹ. Sitirẹ́ẹ̀pù tí a kó láti ojú ágà líle máa ń ṣù pọ̀ nígbà mìíràn, kí sitáàfù náà sì tò ní méjì méjì. Kátáléèsì ló ń là wọ́n.

Ẹ̀yin tí ẹ ti dé wọ́ọ̀dù mọ háídírójìn pẹrọ́sáìdì. Òun ni omi inú ìgò aláwọ̀ ilẹ̀ tí nọ́ọ̀sì ń dà sí egbò, tó ń hó ṣùù, tí àwọn ìyá wa á sì ní, “Ó ń jẹ kòkòrò rẹ̀ nìyẹn.” Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀jẹ̀ àti ẹran ara ẹni náà ló ń jẹ́ kó hó. Kátáléèsì wà lára wa rẹpẹtẹ, iṣẹ́ rẹ̀ ni láti já pẹrọ́sáìdì, tó jẹ́ májèlé, sí omi àti afẹ́fẹ́ ọ́kísíjìn:

2H₂O₂ → 2H₂O + O₂

Afẹ́fẹ́ yẹn ló ń di ìfófó. Sitáàfù ní kátáléèsì, sitirẹ́ẹ̀pù kò ní. Ìyẹn náà ni gbogbo rẹ̀.

Bí a ṣe ń ṣe é rọrùn tó bẹ́ẹ̀ tó fi jẹ́ pé ibẹ̀ ni àṣìṣe ti ń wọlé. Ẹ fi orí igi ìtayín mú àárín kọ́lọ́nì kan ṣoṣo, ẹ fi sójú sílàídì tó mọ́ tó sì gbẹ. Ẹ wá kán pẹrọ́sáìdì 3% lé e, ẹ sì fi nǹkan bò ó kó má baà ta sí yín lójú. Bí yóò bá hó, kì í kọjá ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá. Kọ́lọ́nì ló ń ṣáájú, pẹrọ́sáìdì ló ń tẹ̀lé e. Ẹni tó bá ti lúùpù onírin bọ inú pẹrọ́sáìdì lè rí ìfófó tí wáyà fúnra rẹ̀ mú wá.

Ẹ̀jẹ̀ inú ágà ni ọ̀tá tó burú jù. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún yín pé ẹ̀jẹ̀ ní kátáléèsì. Nítorí náà, bí igi ìtayín yín bá fi ìwọ̀nba bíńtín ha ágà ẹ̀jẹ̀ mọ́ kọ́lọ́nì, sitirẹ́ẹ̀pù pàápàá á hó. Ìhó yẹn máa ń rọra wá ni, ó máa ń rí wẹ́wẹ́, kì í rú sókè gììrì bíi ti sitáàfù. Bí ó bá ṣe yín bíi pé ẹ ò dá a lójú, ẹ tún kòkòrò náà gbìn sójú ágà tí kò ní ẹ̀jẹ̀, kí ẹ tún un ṣe lọ́la. Ní òdìkejì ẹ̀wẹ̀, pẹrọ́sáìdì tó ti kú kì í hó fún ẹnikẹ́ni. Ìmọ́lẹ̀ àti ooru ló ń pa á. Ní oṣù kẹta ọdún, bí oòrùn Kábbà ṣe ń rà, mo bá ìgò kan lórí fèrèsé tí wọ́n ti ń lò láti ọjọ́ pípẹ́. A kán an lé sitáàfù tó dájú, ó dákẹ́ bí omi kànga. Láti ọjọ́ náà, inú fíríìjì ni tiwa ń gbé, kò sì sí òwúrọ̀ tí a kì í kọ́kọ́ kán an lé kòkòrò tí a mọ̀ kí a tó kán an lé èyí tí a kò mọ̀.

Kọ́lọ́nì roboto bàbá wa hó. Kò fi àyè sílẹ̀ fún àríyànjiyàn; ó hó bí ọṣẹ ìfọṣọ. Ìdílé sitáàfù nìyẹn.

Kí n yára dé ọ̀dọ̀ ọ̀pá pupa, torí ọ̀rọ̀ tirẹ̀ kò gùn. Òun náà máa hó tí ẹ bá kán pẹrọ́sáìdì lé e, ṣùgbọ́n ìhó náà kò sọ ohunkóhun fún wa, torí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀pá pupa inú ọgbẹ́ ló ń hó. Ìbéèrè tirẹ̀ ni ọ́kísídéèsì: ṣé ara Í-kólì àti àwọn ìbátan rẹ̀ inú ìfun ni, tàbí ará ìta tó ń gbé inú omi àti ilẹ̀ bíi sudomónáàsì? Àwọn ará ìfun wọ̀nyẹn kò ní énsáìmù náà, àyàfi díẹ̀ kínún. Sudomónáàsì ní in. Oògùn ìdánwò náà kò ní àwọ̀ nígbà tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ pò ó, gíráàmù 0.1 nínú omi mílílítà mẹ́wàá ni à ń pò. Ẹ kán an sórí bébà ìsẹ́, ẹ fi igi ìtayín kun kòkòrò sí i, kí ẹ máa ka aago. Bí ó bá di àlùkò dúdú láàárín ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, ó ti dáhùn nìyẹn. Èyí tó bá ń pọ́n lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan kò já mọ́ nǹkan kan, torí afẹ́fẹ́ nìkan á sọ oògùn yẹn di àlùkò tó bá pẹ́. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí a fi ń da èyí tó bá ti pọ́n nínú ìgò nù.

Ohun méjì ló ń ba èsì rẹ̀ jẹ́ lọ́dọ̀ wa. Wáyà nikirómù, tó ní irin nínú, lè sọ bébà di àlùkò láìsí kòkòrò kankan níbẹ̀. Igi ìtayín ló dára. Ẹ má sì kó kọ́lọ́nì láti ojú ágà Makọ́ńkì, torí ekíkan tó ń jáde nígbà tí kòkòrò bá ń jẹ ṣúgà ibẹ̀ máa ń da èsì rú. A tún ọ̀pá bàbá náà gbìn sójú ágà lásán, ó sì di àlùkò kí n tó ka márùn-ún. Pẹ̀lú òórùn àjàrà àti àwọ̀ ewé yẹn, sudomónáàsì ni mo kọ. Kò yà mí lẹ́nu. Omi àti ewé tútù ni ilé rẹ̀, bàbá sì ti lọ ewé sí ọgbẹ́.

Ó wá ku kòágúléèsì, tó fẹ́ dójú tì wá.

Nínú ìdílé sitáàfù, ọ̀kan wà tí dókítà ń bẹ̀rù jù, sitáàfù ọ́ríọ́ọ̀sì. Òun ló ń fa èéwo, tó ń wọnú eegun, tó ń wọ ẹ̀jẹ̀. Òun ló ní kòágúléèsì; púpọ̀ nínú àwọn ìbátan rẹ̀ tó kù kò ní in, ayálégbé awọ ara sì ni wọ́n. Bí a bá rí wọn nínú ọyún, àwọn tó kàn ṣèèṣì kó bọ́ sórí òwú ni wọ́n sábà máa ń jẹ́. Nítorí náà, bí láàbù bá kọ “kòágúléèsì kò sí,” dókítà lè má wo ọ̀rọ̀ náà mọ́.

Ẹ jẹ́ ká mọ ohun tí kòágúléèsì ń ṣe, torí ibẹ̀ ni gbogbo àṣìṣe rẹ̀ ti ń jáde. Bí ẹ bá gba ẹ̀jẹ̀ sínú ìgò tí kò ní nǹkan kan, á dì. Bí ẹ bá gbà á sínú ìgò tó ní EDTA tàbí sítíréètì, kò ní dì, torí àwọn nǹkan yẹn ti gbá kálísíọ́ọ̀mù inú ẹ̀jẹ̀ mú, láìsí kálísíọ́ọ̀mù sì rèé, ẹ̀jẹ̀ kò lè dì bó ṣe ń dì. Kòágúléèsì kò bìkítà fún kálísíọ́ọ̀mù. Ó gba ẹ̀yìnkùlé wọlé: ó lẹ̀ mọ́ èròjà kan nínú pílásímà, omi inú ẹ̀jẹ̀, àwọn méjèèjì á sì jọ sọ fíbírínójìn, èròjà tó ń yọ́ nínú omi, di fíbírìn, òwú tó ń so pọ̀. Bí pílásímà tó yẹ kó wà ní omi bá wá dì, kòkòrò náà ló dì í.

Ọ̀nà méjì la fi ń wò ó. Ti ojú sílàídì yá, ṣùgbọ́n èyí tó lẹ̀ mọ́ ara kòkòrò nìkan ló ń rí. Ẹ po kòkòrò sínú ẹ̀kán omi iyọ̀ méjì lójú sílàídì kan, ẹ kán pílásímà sí ọ̀kan. Bó bá ṣù láàárín ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, ó ní in. Ẹ̀kán kejì, tí kò gba pílásímà, ni ẹlẹ́rìí. Ti bàbá wa ṣù nínú ẹ̀kán méjèèjì. Kòkòrò mìíràn máa ń ṣù fúnra rẹ̀ nínú omi iyọ̀, bí ẹlẹ́rìí náà bá sì ti ṣù, kò sí èsì. A ti sílàídì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, a lọ sí ti inú ìgò, tó ń rí kòágúléèsì tí kòkòrò tú sínú omi.

A fi pílásímà mílílítà 0.2 sínú omi iyọ̀ mílílítà 1.8, a pín in ní mílílítà 0.5 sínú ìgò tẹẹrẹ mẹ́ta. Ìgò àkọ́kọ́ gba mílílítà 0.5 omi tí kòkòrò bàbá ti hù nínú rẹ̀ láti àná, èkejì gba sitáàfù ọ́ríọ́ọ̀sì tí a mọ̀, ẹ̀kẹta gba omi ìhùsókè lásán. Wọ́n wọ inkubétọ̀ ní 37°C. Àbúrò mi kan tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wa ló ṣe é. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ló kó wọn wọlé, ọkọ̀ Ìyàrá sì fẹ́ gbéra, ó bá lọ. Láago mẹ́jọ àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó wo ìgò bàbá: omi ni. Ó kọ ọ́ pé kòágúléèsì kò sí, ó gbé ìwé wá fún mi kí n fọwọ́ sí i.

Mo bi í léèrè pé ìgò sitáàfù tí a mọ̀ ńkọ́. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, òun náà omi ni. Bóyá pílásímà yẹn ti bàjẹ́.”

Ìgò ẹlẹ́rìí tó yẹ kó dì kò dì, ọmọ náà sì rí i, ó kàn fò ó dá ni. Mi ò bá a jà, torí èmi náà ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí nígbà tí mo wà ní ọjọ́ orí rẹ̀. A tún un ṣe. Mo ní kó kọ́kọ́ ya kọ́lọ́nì náà sọ́tọ̀, kó tún un gbìn kó fi dá mi lójú pé òun nìkan ló wà níbẹ̀, ẹ ó sì gbọ́ ìdí rẹ̀ láìpẹ́. Láago mẹ́sàn-án àárọ̀ ọjọ́ tí a ṣe é, a kó ìgò mẹ́ta wọlé. Láago mẹ́wàá, a rọra dẹ wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́: ti sitáàfù tí a mọ̀ ti ń ki, ti bàbá ṣì ń ṣàn. A dá wọn padà. Láago méjìlá ọ̀sán, a dẹ ti bàbá: pílásímà náà ti dúró sójú kan bí ẹ̀kọ tútù, kò tẹ̀lé ìgò. Ti ẹlẹ́rìí omi lásán ń ṣàn bó ṣe yẹ. Mo ní kí wọ́n fi gbogbo wọn sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, nítorí ọmọ náà.

Nígbà tó fi máa dé láàárọ̀, ìgò bàbá ti padà di omi.

Sitáàfù ọ́ríọ́ọ̀sì kan náà tó ń di pílásímà tún máa ń ní énsáìmù kejì, sitáfílókáínéèsì, tó ń jí nǹkan kan dìde nínú pílásímà, nǹkan yẹn á sì jẹ òwú fíbírìn tó ti so. Bí ó bá fẹ́ sá jáde láti inú ẹ̀jẹ̀ tó dì yí i ká, énsáìmù yẹn ló fi ń ṣí ilẹ̀kùn. Ẹni tó bá wo ìgò ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, lẹ́yìn wákàtí mẹ́rìndínlógún, ti pẹ́ dé ọjà. À ń wò ó lẹ́yìn wákàtí kan, lẹ́yìn wákàtí mẹ́ta; èyí tí kò bá tíì dì nìkan la ń yọ kúrò nínú ooru tí a fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, torí àwọn kan máa ń lọ́ra. Bó ti wù kó dì kékeré tó, ó ti dì. Ẹ má sì gbọn ìgò náà o, ẹ dẹ ẹ́ ni. Èyí tó dì tí kò le, bí ẹ bá gbọ̀n ọ́n, á fọ́, kò sì ní tún so mọ́.

Ní ti yíya kọ́lọ́nì sọ́tọ̀: inú àpò ẹ̀jẹ̀ ni a ti rí pílásímà wa, sítíréètì ni wọ́n sì fi ń tọ́jú ẹ̀jẹ̀ inú àpò. Sudomónáàsì ń jẹ sítíréètì. Bí a bá gbé òun àti sitáàfù awọ ara lásán sínú ìgò kan náà, á jẹ sítíréètì náà tán díẹ̀díẹ̀, kálísíọ́ọ̀mù á gba òmìnira, pílásímà á sì dì fúnra rẹ̀ láìsí kòágúléèsì níbẹ̀ rárá. Bí ẹni tó ṣe kòágúléèsì fún ọ̀pá pupa lẹ́ẹ̀kan ṣe rí sitáàfù nìyẹn. Ọgbẹ́ bàbá sì kún fún sudomónáàsì. Pílásímà inú ìgò EDTA, èyí tó ní ìdérí àwọ̀ àlùkò, kò ní wàhálà yìí, torí àwọn kòkòrò yìí kì í jẹ EDTA. Òun la ń lò báyìí.

Ẹnì kan bi mí lẹ́yìn ọ̀rọ̀ pé ṣé kòágúléèsì tó dì nínú ìgò ti tó láti pe orúkọ. Fún ọyún ènìyàn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó. Bí ajá ọdẹ bá ti bu ènìyàn jẹ, ẹ ṣọ́ra, torí sitáàfù kan wà tó ń gbé ẹnu ajá tí òun náà ń di pílásímà inú ìgò. Ẹ bi dókítà léèrè ohun tó gé ẹsẹ̀. Ti bàbá wa, àdá ni. Kòágúléèsì kò sì sọ oògùn tó máa pa kòkòrò náà. Fún ìyẹn, a to àwọn bébà oògùn sójú ágà méjì, ọ̀kan fún sitáàfù, ọ̀kan fún sudomónáàsì, torí oògùn tó ń pa èkíní kì í sábà pa èkejì.

Mo gba ìwé tí àbúrò mi kọ́kọ́ kọ, mo fa ilà kan ṣoṣo lé èsì náà kí ó ṣì ṣeé kà, mo kọ tuntun sábẹ́ rẹ̀: sitáàfù ọ́ríọ́ọ̀sì, àti sudomónáàsì. Mo ní kí òun fúnra rẹ̀ kọ wákàtí tí a rí i tó dì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó kọ ọ́: aago méjìlá ọ̀sán. Ó tún fi lẹ́tà wẹ́wẹ́ kọ sí etí ìwé pé ó ti yọ́ láàárọ̀.